Epo Bẹntiróò Kì Í Ṣe Ẹrù Inú Yàrá



Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí kẹ́ẹ̀gì epo tó wà nínú ilé yín. Kì í ṣe epo tó ti wà nínú jẹnẹrétọ̀ ni mò ń sọ. Èyí tí ẹ rà pamọ́ nítorí pé ẹ ò mọ ìgbà tí Nẹ́pà máa mú iná wá ni, èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lábẹ́ àtẹ̀gùn, tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayálégbé ń gbà kọjá. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí epo bẹntiróò sùn nínú yàrá tí èèyàn ń sùn, ì báà ṣe lítà kan péré. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ẹnu dùn ún sọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń mú kí epo yìí léwu, lẹ́yìn náà a óò jọ wo bí a ṣe lè ṣe é nínú irú ilé tí àwa ń gbé.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé epo tó ń ṣàn, tí a ń fojú rí, ni iná ń jó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára epo náà ni iná ń gbà, ìyẹn èyí tí imú yín ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bí ẹ bá ṣí kẹ́ẹ̀gì. Kẹrosíìnì kì í tú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde púpọ̀ àfi tó bá gbóná. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń lo òwú nínú àtùpà àti sítóòfù, kí òwú lè fa epo náà sókè kí ó sì gbóná. Ṣùgbọ́n bẹntiróò kò dúró de ooru kankan. Bí ẹ bá gbé e sínú firísà tó ń dì yìnyín, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀ ṣì pọ̀ tó láti gba iná. Ẹ wá rò ó wò nínú yàrá kan ní Bàrígà ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí ooru mú débi pé èèyàn ò lè sùn.

Ohun kejì tó yẹ ká mọ̀ nípa afẹ́fẹ́ epo yìí ni pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í fò lọ sókè bí èéfín igi. Ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ bí omi, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, ó ń dúró síbi tó bá rẹlẹ̀. Nítorí náà, wíńdò tó wà lókè kò lè gbé e jáde tán. Ó lè rìn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá yín dé ibi tí ẹlòmíràn ti ń dáná ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá kan iná níbẹ̀, iná náà máa gba ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ náà gbà wá padà dé ìdí kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó ń dáná kò mọ nǹkan kan nípa kẹ́ẹ̀gì yín.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tó fi èyí hàn kedere, kì í sì í ṣe ní ìlú wa ló ti ṣẹlẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2012, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn awakọ̀ tó ń gbé epo fẹ́ yan iṣẹ́ lódì. Mínísítà kan níbẹ̀, Francis Maude, sọ fún aráàlú pé kí wọ́n rọ epo díẹ̀ sínú jẹ́rícàn kí wọ́n sì gbé e sí ilé ọkọ̀ wọn. Gbogbo èèyàn bá sáré lọ sí ilé epo, ìlà gùn lọ rẹrẹẹrẹ, bí a ṣe mọ̀ ọ́n níbí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ìgbà náà, ìyá kan ní ìlú York ń ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, torí epo ti tán nínú mọ́tò ọmọ náà. Ó dúró sínú kíṣìnnì, ó ń da bẹntiróò láti inú àpò epo kan sínú jọ́ọ̀gì. Iná gáàsì ń jó lórí kúkà nítòsí rẹ̀. Kò da epo sórí iná o, epo kò sì kan iná. Afẹ́fẹ́ epo náà ló lọ bá iná, iná sì mú ìyá náà ní aṣọ àti ara. Bí a bá pín awọ ara rẹ̀ sọ́nà mẹ́wàá, iná jó mẹ́rin nínú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ náà kò sì padà yan iṣẹ́ lódì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wo ìtàn náà. Kò sí ẹni tó mu sìgá níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kò sì sí níbẹ̀. Epo náà kò ju jọ́ọ̀gì kan lọ. Ohun tó fa wàhálà kò ju pé wọ́n ṣí epo nínú ilé tí iná wà. Ní ilẹ̀ yẹn, òfin wọn gbà kí èèyàn tọ́jú epo sílé láìsọ fún ìjọba, bí gbogbo rẹ̀ kò bá ti ju 30 lítà lọ. Kẹ́ẹ̀gì ike kò gbọ́dọ̀ gbà ju 10 lítà lọ, ti irin kò gbọ́dọ̀ ju 20 lọ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbé e sínú ibi tí èèyàn ń gbé.

Àwọn kan máa ń mú 30 lítà yìí wá fún wa bí ẹni pé ó yẹ àwa náà. Mi ò gbà. Ilé ẹni kan ni wọ́n ń sọ, tó ní àgbàlá tirẹ̀ àti ilé ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹ wo ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ẹ kan ní àdúgbò wa, tó ní yàrá mẹ́wàá. Bí yàrá kọ̀ọ̀kan bá gbé kẹ́ẹ̀gì òróró aláwọ̀ yẹ́lò kan tó kún fún epo sílé, lítà 25 lọ́nà mẹ́wàá, 250 lítà ni yẹn, ó ju dúrọ́ọ̀mù kan lọ. Lánlọ́ọ̀dù tí kò ní gbà láéláé kí ẹnì kan yí dúrọ́ọ̀mù bẹntiróò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ti ní ju ọ̀kan lọ nínú ilé láìmọ̀. Bí ilé náà bá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tẹ ìwé ní Ṣómólú, tí pépà kún ṣọ́ọ̀bù wọn dé òkè àjà, ẹ̀yin náà ẹ parí ìṣirò yẹn.

Mo mọ ohun tó ń mú wa tọ́jú epo. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹni tó bá rí epo lónìí kò mọ iye tí wọ́n máa tà á lọ́la. Ìyá tó ń ta omi tútù, aránṣọ, onídìrí, gbogbo wọn ló ń fi jẹnẹrétọ̀ jẹun. Mi ò ní sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kó má ra epo sílẹ̀ rárá. Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí á fi iṣẹ́ tí epo fẹ́ ṣe wọn iye tí a máa rà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní àì-pàsì-mai-néíbọ̀ ń gba nǹkan bíi lítà mẹ́rin, ìyẹn jálá kan, ó sì lè fi ṣiṣẹ́ fún wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, bó bá ṣe gbé ẹrù tó. Bí epo bá ti wà nínú táǹkì fún alẹ́ òní, lítà márùn-ún tó fún alẹ́ ọ̀la. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ra òmíràn. Èrò mi ni pé nínú ilé alájọgbé, kí yàrá kankan má ní ju lítà márùn-ún lọ, kí ó sì wà níta. Owó tí ẹ rò pé ẹ máa jèrè tí epo bá wọ́n sí i kò tó ohun tí ẹ fi ń tayò.

Kẹ́ẹ̀gì wo ni ká lò? Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún epo ọkọ̀, ti irin tàbí ti ike líle tó nípọn, tí ìdérí rẹ̀ ń yí wọlé tí ó sì ní rọ́bà róbótó nínú ìdérí náà. Rọ́bà yẹn ló ń dí afẹ́fẹ́ epo mọ́nú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi nylọ́ọ̀nù há ẹnu kẹ́ẹ̀gì kí ìdérí lè le. Bí ẹ bá ti rí i pé ẹ nílò nylọ́ọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì yẹn ti sọ fún yín fúnra rẹ̀ pé òun kò dé dáadáa. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ̀: ẹ dé e pa, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, ẹ gbé e síta fún wákàtí kan, kí ẹ wá fi imú sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Bí òórùn bá ṣì ń jáde, kò dára. Bí ara ike bá ti ń rọ̀, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí tí ìlà funfun ti ń hàn níbi tó ti tẹ̀, ó ti fẹ́ là nìyẹn.

Ẹ má rọ ọ́ kún dé ẹnu. Epo máa ń wú bí ooru bá mú un, nítorí náà bí kẹ́ẹ̀gì bá gba lítà mẹ́wàá, ẹ má rọ ju mẹ́sàn-án lọ. Bí ẹ bá bá kẹ́ẹ̀gì tó ti wú bí ikùn alábẹ́rẹ́, oòrùn ti pa á. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòòji níta, kí ó tutù, kí ẹ tó rọra tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń rà á ní ilé epo, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́ lórí ọ̀kadà tàbí nínú bùútù mọ́tò. Bí epo ṣe ń ṣàn, iná mànàmáná kékeré kan máa ń kó jọ lára ike, irú èyí tó máa ń ta wá nígbà tí a bá bọ́ aṣọ kan nígbà ọyẹ́. Bí kẹ́ẹ̀gì bá wà lórí ilẹ̀, kò ní rọrùn fún un láti ta pàrà lẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ epo ti ń jáde.

Èyí tó ń bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì yìí ni ìgò omi mímu àti ìgò mínírà. Bí epo bá kù díẹ̀, a máa dà á sínú ìgò, ọmọ á sì rí i. Bẹntiróò tó wà nínú ìgò kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun mímu lójú ọmọ ọdún méjì tí òùngbẹ ń gbẹ. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má fún ọmọ náà ní epo pupa, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Níbi tó bá ti ń bì ni epo náà máa gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe ìjàǹbá jù. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo ti kán sí lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé ìgò náà dání kí dókítà lè rí i. Kódà bí ara ọmọ náà bá dà bíi pé ó yá, bó bá ti ń wúkọ́ tàbí tó ń mí gúlegúle, epo ti dé ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Bákan náà, ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì kan náà ra kẹrosíìnì lónìí kí ẹ fi ra bẹntiróò lọ́la. Bẹntiróò díẹ̀ tó kù sídìí rẹ̀, tí ẹnì kan bá dà á sínú àtùpà tàbí sítóòfù, ó tó láti bú gbàmù. Ẹ kun kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò ní pupa, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà.

Ó wá ku ibi tí a máa gbé e sí. Àtakò tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Bí mo bá gbé e síta, olè á gbé e." Òótọ́ ni, olè wà. Ṣùgbọ́n àgádágodo lọ́rọ̀ olè, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ayálégbé àti àwọn lánlọ́ọ̀dù jíròrò ni kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àpótí irin kan ṣoṣo fún gbogbo kẹ́ẹ̀gì ilé náà. Kí wẹ́dà fi nẹ́ẹ̀tì irin ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ káàkiri dé ìsàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé kí ó máa jáde, kí páànù wà lórí rẹ̀ nítorí oòrùn àti òjò. Kí wọ́n jó o tán ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kí wọ́n tó gbé e wá sílé, kì í ṣe kí wọ́n wá máa jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì. Yàrá mẹ́wàá tó dá owó jọ máa san án láìní í lára púpọ̀.

Ẹ gbé àpótí náà sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà, níbi tó jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń dáná, sí sílíńdà gáàsì, sí wáyà iná àti sí jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀. Kó má sí lẹ́nu gọ́tà tàbí lórí sọkawéè, torí afẹ́fẹ́ epo máa ń ṣàn wọ inú ihò bẹ́ẹ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kó má sí lójú ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló burú jù lọ, ó burú ju yàrá lọ pàápàá. Bí iná bá sọ nínú yàrá kan, àwọn yòókù ṣì lè gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an ló ń jó, tí irin sì wà lójú gbogbo wíńdò bí a ṣe ń ṣe é nítorí olè, ọ̀nà wo ló kù?

Ilé tí kò ní ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń gbé òkè tó ní bákónì lè gbé lítà márùn-ún sí igun tó jìnnà jù sí ilẹ̀kùn, bí kò bá sí kíṣìnnì tàbí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò ní èyí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kó má tọ́jú epo rárá, kó máa ra ti alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé ìnira ni, pàápàá fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ṣùgbọ́n ọmọ àdúgbò kan lè bá wọn rà á.

Ẹ rọ epo sínú jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ojúmọ́ ṣì mọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ lo àrọ, kí àbẹ́là àti fóònù má sún mọ́ tòsí. Ẹ má fi ẹnu fa epo láti inú rọ́bà. Bí epo bá dà sílẹ̀, ẹ da iyanrìn gbígbẹ lé e. Bó bá gbiná, ẹ má da omi sí i, epo máa léfòó lórí omi á sì gbé iná náà káàkiri. Ẹ bu iyanrìn sí i bó bá kéré, ẹ sá bó bá pọ̀, kí ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹni tí iná bá jó, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ògì, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ọsibítù ìjọba tó wà ní Gbàgádà, tí kò jìnnà sí wa, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí iná jó.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo, torí kò sẹ́ni tó ń kà á sí. Nígbà tí epo bá tán nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ epo kò tíì tán. Afẹ́fẹ́ tiwa á tún bá a dàpọ̀, kẹ́ẹ̀gì òfìfo bẹ́ẹ̀ sì lè bú ju èyí tó kún lọ. Àwọn tó máa ń mú ọ̀bẹ gbígbóná gé irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè fi ṣe korobá, tàbí tí wọ́n ń fi iná lẹ ojú ibi tó ti ń jò, ẹ bá wa sọ fún wọn. Bí kẹ́ẹ̀gì bá ti gbó, ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ níta, níbi tí kò sí iná, fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó kó o fún àwọn kó-ilẹ̀-kó-ilẹ̀. Ẹ má sì fi pọn omi láé, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.